Àwòrán àgbàdo lára ike kò sọ pé oògùn náà kò ní í pa àgbàdo

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń dáko ní ẹ̀bá Àjàṣẹ́-Ìpo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Ike oògùn lítà kan ni, wọ́n gbé e ka orí àga ọ̀kadà, oòrùn ń tàn yòò lára rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò náà pé: "Àbúrò, wọ́n ní oògùn àgbàdo ni. Àgbàdo mi ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èpò sì ti fẹ́ bò ó. Ṣé kí n fín in láàárọ̀ ọ̀la?" Ohun tí mo rí nínú fọ́tò náà kò ju orúkọ ńlá kan lọ, àti àwòrán àgbàdo tó dúró gbọnyin, tí koríko sì gbẹ kúkúrú sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo dá wọn lóhùn pé kí wọ́n má tíì fín in. Kì í ṣe pé mo ti mọ ohun tó wà nínú ike náà. Mi ò mọ̀ ọ́n, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó tà á fún wọn kò sì fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iwájú ike nìkan la ń wò, iwájú ike sì ni ibi tí wọ́n ń kọ ohun tí yóò mú kí ènìyàn rà á sí. Ohun tí àgbẹ̀ nílò wà lẹ́yìn, ní lẹ́tà wínníwínní.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú irú fọ́tò yìí, a sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Èkíní: ṣé ojúlówó ni ike yìí, ṣé ìjọba mọ̀ ọ́n? Èkejì: kí ló wà nínú rẹ̀, ṣé ó sì bá iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe mu? Ojúlówó oògùn tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré lè jó oko yín ráúráú bí ẹ bá fín in síbi tí kò yẹ. Ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí àwa méjèèjì ṣe ṣe é lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ tún fọ́tò náà yà

Mo ní kí wọ́n gbé ike náà kúrò nínú oòrùn. Ìwé ara ike máa ń dán, ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lé e á sì pa ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́ nínú fọ́tò, pàápàá àwọn nọ́ńbà. Abẹ́ òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ló dára jù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má lo iná fóònù tó ń kọ mànà láti iwájú. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu eruku àti epo kúrò lára ìwé náà kí ẹ tó yà á. Bí oògùn bá ti jò sí ara ike, ẹ fi nǹkan bo ọwọ́ yín kí ẹ tó gbé e.

Nítorí pé ike rí roboto, fọ́tò kan kò lè mú gbogbo ìwé ara rẹ̀. Ẹ ya iwájú, kí ẹ yí ike náà díẹ̀, kí ẹ tún yà á, títí tí ẹ ó fi padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Fún ike lítà kan, fọ́tò mẹ́rin máa ń tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ọrùn ike pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì dorí ike kodò láti ya ìdí rẹ̀, bí ìdérí bá ṣì lé dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í tẹ ọjọ́ tí wọ́n ṣe oògùn àti ọjọ́ tí yóò parí mọ́ ìwé. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ́n in sí èjìká ike tàbí ìdí rẹ̀, ní tadáwà dúdú tí kò le. Bó bá jẹ́ ọ̀rá tàbí páálí ni, etí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ni ẹ ó ti rí i.

Wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, lẹ́tà kékeré á sì di nǹkan bí àpá èèrà. Ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi `Document`, kò ní í fún un pọ̀. Síbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò. Nínú fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi kejì, mi ò mọ̀ bóyá 3 ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà tàbí 8. Àwọn tó di ike náà mú lọ́wọ́ ló rí i pé 8 ni. Bí mo bá fi 3 wá a, oògùn ẹlòmíràn ni mo máa bá, màá sì pariwo ayédèrú lórí ohun tí kì í ṣe ayédèrú.

Ìlà tó sọ ohun tó wà nínú ike

Nínú fọ́tò kẹta, mo wá ìlà tí wọ́n kọ `Active Ingredient` sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn á kọ ọ́ ní `A.I.` tàbí `Composition`. Ìlà yìí ni orúkọ àbísọ oògùn náà. Èyí tó tóbi níwájú kò ju oríkì lọ. Orúkọ iwájú lè tó ogún lọ́jà Ìpàtà tàbí lọ́jà Ọ̀mù-Àrán kí ó sì jẹ́ pé oògùn kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ohun tí mo kà níbẹ̀ rèé:

```
Active Ingredient: Glyphosate 360 g/l
= 480 g/l isopropylamine salt
Formulation: SL
```

Gíláífóséètì ni. Ó tán.

Gíláífóséètì kì í bi èpò léèrè pé ta ni baba rẹ̀. Ewé tútù tó bá bà lé, ó ń gba inú ewé náà wọlé, á bá omi ara rẹ̀ rìn dé gbòǹgbò, á sì dí ọ̀nà tí ewéko fi ń ṣe èròjà tí yóò fi dàgbà. Ọmọ koríko ni àgbàdo fúnra rẹ̀, ìran kan náà ni òun àti bẹẹrẹ. Àgbàdo tí a ń gbìn lágbègbè wa kò ní ohun tó lè fi dènà rẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé irúgbìn àgbàdo TELA tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní ọdún 2024 lè gba oògùn koríko èyíkéyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ igi àti ewé àgbàdo ni wọ́n ṣe é kó lè dojú kọ, àti ọ̀dá. Wọn kò ṣe é fún gíláífóséètì.

Ohun tó burú jù nínú àṣìṣe yìí ni pé kì í tètè hàn. Lọ́jọ́ tí ẹ fín in àti ní ọjọ́ kejì, àgbàdo á ṣì máa ju ọwọ́ nínú afẹ́fẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí méje ni ewé àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí àgbẹ̀ á máa rò pé ajílẹ̀ ló ń wá. Ẹlòmíràn á sáré da yúríà sí i. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti gbẹ láti inú wá, owó irúgbìn àti owó yúríà sì ti bá a lọ.

Kí wá ni àwòrán àgbàdo ń ṣe níwájú ike náà? Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ka ibi tí wọ́n kọ `Directions for Use` sí fún mi lórí fóònù, nítorí pé fọ́tò náà kò mú gbogbo rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé fún pípa èpò ilẹ̀ ni, kí a tó gbin àgbàdo, ìrẹsì tàbí ẹ̀gẹ́. Àgbàdo tó wà nínú àwòrán ni èyí tí ẹ máa gbìn lẹ́yìn tí oògùn bá ti pa koríko tán. Ilé-iṣẹ́ náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ẹ̀yìn á rò pé àgbàdo inú oko ni wọ́n ní kó fín in sí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó tà á ṣe rò.

Kí n fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ 360 àti 480 yẹn, torí wọ́n ń fi ta ọjà fún wa. Oníṣòwò á ní 480 lágbára ju 360 lọ. Lórí gíláífóséètì tí ìlà rẹ̀ rí bí èyí tí mo kọ sókè, nǹkan kan náà ni méjèèjì: gíráàmù 480 ni ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ tí wọ́n fi gbé e, 360 sì ni ìwọ̀n gíláífóséètì fúnra rẹ̀ nínú lítà kan. Bí ike kan bá kọ 480 nìkan síwájú, ẹ wo ẹ̀yìn bóyá iyọ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ọn kí ẹ tó san owó lé e.

Ìlà yìí kan náà ló ń sọ bóyá òfin ṣì gba oògùn náà láàyè. NAFDAC ti fòfin de párákúàtì láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n sì fòfin de átírásíìnì láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025. Mo mọ̀ pé átírásíìnì yìí ká àwọn àgbẹ̀ wa lára, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa ń fín ní ọjọ́ tí a bá gbin àgbàdo tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Ike rẹ̀ ti ọdún àtijọ́ lè ní nọ́ńbà NAFDAC tó jẹ́ òótọ́ lára, nítorí pé wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn. Nọ́ńbà náà kò sọ òfin tuntun di asán. Bí ẹ bá ka `Paraquat` tàbí `Atrazine` lórí ìlà yẹn, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nọ́ńbà kiri.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tó ní oògùn nílé pé kí wọ́n ya ìlà èròjà yìí pa mọ́ sínú fóònù wọn. Bí ọmọdé bá gbé nǹkan mu, tàbí tí ẹni tó ń fín oògùn bá ṣubú lulẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà á bèèrè ni ohun tó mu. "Oògùn koríko ni" kò tó. Ọ̀tápíápíá ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń lò fún un. Párákúàtì kò ní ẹ̀rọ̀ kankan, afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń fi gbà ẹni tí èémí rẹ̀ kò já gaara sì lè túbọ̀ ba ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó mu ún jẹ́, nítorí náà ńṣe ni dókítà máa ń ṣọ́ra kó tó lò ó. Bí ẹ bá gbé ike náà tàbí fọ́tò rẹ̀ dání, ìtọ́jú á bọ́ sójú ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe tú oògùn sínú ike omi tàbí ike ohun mímu láé, torí ìlà yẹn kì í bá a lọ síbẹ̀.

Nọ́ńbà NAFDAC: bí a ṣe ń fi ohun mẹ́ta wé ara wọn

Nígbà tí a ti mọ ohun tó wà nínú ike náà, a wá bèèrè bóyá ẹni tó sọ pé òun ṣe é ló ṣe é. Lára ike ẹ ó rí `NAFDAC Reg. No.`, lẹ́yìn náà lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan, ìlà kékeré, kí àwọn nọ́ńbà yòókù tó tẹ̀ lé e. Fún oògùn oko, 5 ló máa ń wà ṣáájú ìlà kékeré náà, `A5-` sì ni ẹ ó máa rí jù. Ẹ mú páálí oògùn orí fífọ́ tó wà nílé yín wò, 4 ni ẹ ó bá níbẹ̀, nítorí pé oògùn tí ènìyàn ń mu ní ìpín tirẹ̀. Omi inú ọ̀rá àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ ní 1.

Ní ọdún kan, ìyá oníẹ̀wà kan ní Ìlọrin fi fọ́tò lúbúlúbú kan hàn mí tí wọ́n tà fún wọn láti fi pa kòkòrò inú ẹ̀wà. Nọ́ńbà wà lára ọ̀rá náà, ó sì rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n 1 ló bẹ̀rẹ̀ ìpín rẹ̀. Nọ́ńbà oúnjẹ tàbí omi ẹlòmíràn ni wọ́n jí gbé lé e. Kò sí àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ lára rẹ̀, kò sì sí ìlà èròjà. Mi ò ní láti wá a níbikíbi kí n tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi kan ẹ̀wà tí ènìyàn máa jẹ.

Ìpín tó tọ́ kò tíì parí ọ̀rọ̀, torí ẹnikẹ́ni lè da nọ́ńbà tòótọ́ kọ láti ara ike ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ohun mẹ́ta wé ara wọn: orúkọ ọjà, èròjà rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n, àti ilé-iṣẹ́ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. NAFDAC ní àkójọ tí wọ́n ń pè ní Greenbook, ó wà ní `greenbook.nafdac.gov.ng`. Ẹ tẹ orúkọ tàbí nọ́ńbà náà sí ibi ìwádìí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ka ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ara ike yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà bá bára mu ṣùgbọ́n tí èròjà jẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ fura. Bí èròjà bá bára mu ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀, ẹ fura bákan náà.

Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹ yẹ nọ́ńbà náà wò lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ fi orúkọ nìkan wá a, kí ẹ fi èròjà wá a. Tí kò bá ṣì yọjú, ẹ kó fọ́tò náà lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìlọrin, tàbí kí ẹ fi han àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní agbègbè yín. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọdún márùn-ún ni ìwé ẹ̀rí NAFDAC máa ń ní. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn náà. Nọ́ńbà lè jẹ́ òótọ́ kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ti kú.

Ti ẹ̀gbọ́n mi bára mu ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojúlówó ni. Ká ní wọ́n fín in lọ́jọ́ kejì, ojúlówó ni ì bá pa àgbàdo wọn.

Ọjọ́, ìdì, àti àmì ìyípadà

Ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí papọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti fi nǹkan fá tadáwà, tàbí ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ìwé mìíràn, ẹ fi èékánná gbé etí rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. `Batch No.` ni nọ́ńbà ìdì tí wọ́n pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni ilé-iṣẹ́ á bèèrè bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn. Àwọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ń sọ bí oògùn ṣe le sí ènìyàn tó: pupa ló le jù, òféèfé tó rí bí àwọ̀ ìyẹ́ ìbákà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, kí ó tó kan àwọ̀ ewé. Búlúù àti àwọ̀ ewé kò túmọ̀ sí pé ẹ lè fín in láìbo imú àti ojú.

Bó bá jẹ́ irúgbìn ni

Ti irúgbìn yàtọ̀ díẹ̀, torí kì í ṣe NAFDAC ló ń bójú tó o. Àjọ tó ń rí sí irúgbìn ní Nàìjíríà ni NASC, òfin ọdún 2019 ló sì fún wọn lágbára tí wọ́n ń lò báyìí. Ohun tí ẹ máa yà ni ìwé pélébé tí wọ́n rán tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu àpò. Àwọ̀ búlúù ni ti irúgbìn tí wọ́n ti yẹ̀ wò fún àgbẹ̀ láti gbìn. Ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ rí i dájú pé orúkọ irúgbìn náà hàn, irú bíi `SAMMAZ` pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, àti nọ́ńbà ìdì, àti ọjọ́ tí wọ́n ti dán an wò bóyá ó ń hù. Bí ibi tí wọ́n ń ha bá wà lára rẹ̀, ẹ ha á, kí ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé pélébé náà gan-an. Ẹ ṣe èyí ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa lára sábà máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ mìíràn tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí fífọ̀ tí yóò sọ ọ́ di oúnjẹ, ti ènìyàn tàbí ti adìyẹ. Ẹ fi ìwé pélébé náà àti ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn kan pa mọ́ títí àgbàdo yóò fi hù tán, torí bí kò bá hù, kò sí ohun tí ẹ máa fi bá ẹnikẹ́ni rojọ́ mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sun àpò náà.

Ibi tí agbára fọ́tò mọ

Fọ́tò lè fi ìwé hàn wá, kò lè fi omi inú ike hàn wá. Àwọn kan ń ṣa ojúlówó ike tí àgbẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, wọ́n á rọ nǹkan mìíràn sí i. Gbogbo ohun tí a kà lára irú ike bẹ́ẹ̀ á bára mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ya ọrùn ike: òrùka tó so ìdérí mọ́ ọrùn kò gbọdọ̀ tíì já, tí ẹ bá sì ṣí i, kí bébà fàdákà tó lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀ láìlu. Bí ẹ bá lo ike tán, ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi náà sínú pọ́ńpù tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ lu ike náà káàkiri. Ike tó ti lu kò ṣe é rọ nǹkan sí.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fín nígbẹ̀yìn

Wọ́n padà lọ sí ìsọ̀ náà, ẹni tó tà á sì ní òun kì í gba ọjà padà. Wọ́n wá ra ike mìíràn ní Ọ̀mù-Àrán. Lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n tó sanwó ni wọ́n ti fi fọ́tò ẹ̀yìn ránṣẹ́: `Nicosulfuron 40 g/l`. Níkosọ́fúrọ́ọ̀nù mọ àgbàdo yàtọ̀ sí koríko; àgbàdo máa ń fọ́ ọ túútúú nínú ara rẹ̀ kó tó pa á lára, ọ̀pọ̀ koríko kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ ní kí a fín in nígbà tí àgbàdo bá ní ewé mẹ́ta sí mẹ́fà, tiwọn sì ní márùn-ún. Lítà kan fún hẹ́kítà kan ni wọ́n kọ.

Éékà méjì ni oko náà, ìyẹn nǹkan bí hẹ́kítà 0.8. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi lásán dán pọ́ńpù wò ní ibi tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, kí wọ́n rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn. Lítà méjì omi ló lọ. Ìyẹn já sí lítà 200 fún hẹ́kítà kan, tí oògùn fi jẹ́ mílílítà 5 sínú lítà omi kọ̀ọ̀kan. Pọ́ńpù wọn ń gba lítà 15, nítorí náà mílílítà 75 ni wọ́n ń wọ̀n sínú pọ́ńpù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìdérí méjì àbọ̀ tí ẹni tó tà á sọ. Gbogbo oko náà gba mílílítà 800, ó ṣẹ́kù díẹ̀ nínú ike.

Ike gíláífóséètì wà nínú àpótí tí wọ́n tì, ìwé ara rẹ̀ ṣì mọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ tí àwọn máa gbin àgbàdo ìgbà kejì sí ni àwọn máa fi tún ṣe nínú oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbìn.